Àwòrán Inú Fóònù Yín: Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Kọ̀ Ọ́?

Ní oṣù tó kọjá, bí a ṣe jáde nínú ìsìn, ìyá kan tó ń gbé ní Aylesbury Estate pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró tì í pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ọmọ náà ti ya àwòrán méjìlá nínú ilé àti ní àyíká ilé wọn, ó sì ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọjà kan tí wọ́n ti ń ta àwòrán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n kọ mọ́kànlá. Ìyá rẹ̀ ní, "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Àwòrán wọ̀nyí dára lójú mi. Àbí torí pé orúkọ Yorùbá ni wọ́n rí ni?"

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ta àwòrán àti fídíò kéékèèké lọ́nà yìí, ní àwọn ọjọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò sọ mí di olówó, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ tèmi náà débi pé mo ti mọ ohun tó ń fà á. Mo jókòó tì wọ́n, a sì yẹ méjèèjìlá wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan tí orúkọ Yorùbá kó bá. Ohun tí a rí ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ń gbìyànjú irú rẹ̀.

Ohun tí ẹ ń tà gan-an

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ ṣe ìwé pélébé nípa oúnjẹ, tàbí tí ìwé ìròyìn kan bá ń wá àwòrán ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ kàwé, wọn kì í sábà rán ayàwòrán jáde. Wọ́n á lọ sí ibi bí Adobe Stock tàbí Shutterstock, wọ́n á tẹ ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n á yan èyí tó wù wọ́n, wọ́n á sì sanwó. Ọlọ́jà á yọ ìpín tirẹ̀, á sì fi ìyókù fún ẹni tó ya àwòrán náà.

Àwòrán kọ́ ni ẹ tà o. Àṣẹ láti lò ó ni. Ẹ̀yin lẹ ṣì ni àwòrán yín. Ó dà bí ẹni tó ń fi àga àti kánópì háyà fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó: wọ́n á lò ó, àmọ́ òun ló ni ín. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kánópì kan kò lè wà lóde méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè máa lo àwòrán yín lọ́jọ́ kan náà, ẹ ò sì ní mọ ibi tí wọ́n gbé e sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá sí i.

Ẹ máa rí ọ̀rọ̀ kan lójú ìwé wọn: Royalty-Free. Kò túmọ̀ sí ọ̀fẹ́. Ó túmọ̀ sí pé oníbàárà sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè lo àwòrán náà léraléra, níwọ̀n ìgbà tí kò bá kọjá ààlà àdéhùn. Lórí Adobe Stock, láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Standard gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé títí dé 500,000 ẹ̀dà. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ tàbí kọ́ọ̀pù láti fi ta, ó ní láti ra èyí tí ń jẹ́ Extended, tí owó rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà lò ó. Commercial ni ti ìpolówó ọjà àti iṣẹ́. Editorial ni ti ìròyìn àti ẹ̀kọ́, níbi tí wọ́n kàn ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn. Ti ìpolówó ló le jù nínú méjèèjì, torí pé gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ hàn àti gbogbo ẹni tí ohun rẹ̀ hàn gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i.

Kí á tó ṣí àwòrán àkọ́kọ́ ni mo ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé, "Ọjọ́ ìbí wo lo fi forúkọ sílẹ̀?" Ó wo ilẹ̀. Adobe Stock àti Shutterstock kò gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 láyè láti máa tà níbẹ̀, nítorí àdéhùn ni ẹ ń bá wọn ṣe. Ó ti fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀. Mo ní kí ó pa àkáǹtì náà rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá parọ́ ọjọ́ orí, wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbowó. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má fi orúkọ yín gbé àwòrán tí ọmọ yín yà síbẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ yà á. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ya àwòrán ló ni ín. Kí ọmọ tọ́jú àwọn fáìlì tirẹ̀ dáadáa títí yóò fi pé ọdún 18. Àwòrán kì í bà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí ó tó dìgbà yẹn, ìyá lè máa fi fóònù tirẹ̀ yà, kí ọmọ sì máa ràn án lọ́wọ́, bí a ṣe ṣe nígbẹ̀yìn.

Àwòrán méjìlá, ìdí mẹ́fà

Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ àwòrán oúnjẹ tí ó ti yà tipẹ́ pẹ̀lú fóònù àtijọ́, tí ó sì fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Àwòrán tó jáde nínú kámẹ́rà rẹ̀ ní píksẹ́lì 4000 níbùú àti 3000 lóròó. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, ẹ ó rí mílíọ̀nù 12. WhatsApp fún un pọ̀ kí ó lè tètè lọ, ó sì di 1600 lọ́nà 1200, tí kò tó mílíọ̀nù 2. Mílíọ̀nù 4 ni ọjà méjèèjì tí mo dárúkọ ń béèrè, ó kéré tán. Lójú fóònù, ẹ ò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Fáìlì tó ti inú kámẹ́rà wá tààrà ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́, kí ẹ sì rí i pé JPEG ni. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings > Camera > Formats, kí ẹ yan Most Compatible.

Méjì tó tẹ̀lé e ni ó yà lálẹ́ láti òkè ilé wọn, tí iná ìlú London ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ojú ọ̀run dà bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyanrìn sí i, àwọn fèrèsé sì ti ṣú pọ̀. Kámẹ́rà fóònù kéré. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, ó ń fi ipá wá a, hóró-hóró náà ni èrè rẹ̀. Shutterstock a máa kọ ọ́ báyìí: Noise / Artifacts / Film Grain. Bákan náà ni bí ẹ bá fi ìka fa nǹkan tó jìnnà súnmọ́ nínú kámẹ́rà, tàbí tí ẹ lo Portrait tó ń sọ ẹ̀yìn ènìyàn di bàìbàì. Ẹ wo etí irun àti àárín ìka, ẹ ó rí i pé ó ti gé wọn jẹ. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín súnmọ́ ohun tí ẹ ń yà, kí ẹ sì yà á lójú mọmọ.

Méjì mìíràn ní àmì ilé-iṣẹ́ lára. Ọ̀kan jẹ́ bàtà aláṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí àmì rẹ̀ hàn gbangba. Èkejì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, tí àmì róbótó ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ London wà lókè. Àwọn tó ni àmì wọ̀nyẹn ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ẹnikẹ́ni kò lè fi polówó láìgba àṣẹ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì bíi tèmi, àmì NHS tó wà láyà aṣọ iṣẹ́ wa wà nínú rẹ̀ o. Àwòrán inú wọ́ọ̀dù ní tirẹ̀, ẹ má tilẹ̀ dá a láṣà.

Ẹyọ kan jẹ́ àwòrán ńlá aláwọ̀ mèremère tí ẹnìkan kùn sára ògiri. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, ìta gbangba ló wà." Ìbéèrè tó dára ni. Òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá ti ọdún 1988, ní abala 62, gbà wá láyè láti ya ilé, àti ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ títí láé níbi tí gbogbo ènìyàn ń dé. Ṣùgbọ́n òfin náà kò fi àwòrán tí wọ́n kùn sí ògiri kún un. Ẹni tó kùn ún ló ṣì ni ín, bí ayàwòrán yòókù. Ẹ jẹ́ kí ó wà fún ìrántí, ẹ má gbé e lọ sọ́jà.

Mẹ́ta ni ojú ọ̀run tó pọ́n lókè Burgess Park. Wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n kọ méjì, wọ́n sì kọ Similar Content sí i. Ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kàn sún apá díẹ̀ ni. Ọjà kò fẹ́ kí ẹ da ìbejì àti ìdòwú kan náà sílẹ̀. Ẹ yan èyí tó dára jù, tàbí kí ẹ yí ọ̀nà tí ẹ fi yà á padà pátápátá.

Ó wá ku ẹyọ kan.

Àwòrán àbúrò rẹ̀

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́, tí òjò ń rọ̀ lóde, tí ilé gíga tó wà lódìkejì sì ń hàn lẹ́yìn gíláàsì. Nínú méjèèjìlá, òun ló dára jù. Model Release nìkan ló kù tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Ìyá ní, "Kò ju kí n fọwọ́ sí i lọ? Ẹ fún mi ní bírò."

Mo ní kí ó sinmi ná. Ní ọsibítù, a kì í gbé fọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ fún ènìyàn pé kí ó fọwọ́ sí i kí á tó sọ ohun tí a fẹ́ ṣe fún un. Fọ́ọ̀mù yìí náà yẹ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gbà pé ẹni tí òun kò mọ̀, ní orílẹ̀-èdè tí òun kò dé rí, lè lo ojú òun láti polówó, kí ó gé e, kí ó kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń ṣe é. Àyè ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ àgbàlagbà mìíràn, kì í ṣe ẹni tó ya àwòrán. Bí ẹ bá sì yí èrò padà lọ́la, ẹ lè yọ àwòrán náà kúrò lọ́jà, wọn ò sì ní tà á fún ẹlòmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rà á ti rà á.

Mo wá bi í pé, "Bí ẹ bá rí àwòrán yìí lára ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ owó fún àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ ńkọ́? Ṣé inú yín á dùn?" Àwọn ọlọ́jà ní òfin tó ń dènà ìlò tó tàbùkù ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́ ní fèrèsé ilé ìjọba, ìbànújẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rà á fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Walworth àti Peckham mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Láti ọdún 1963 títí di ọdún 1977 ni wọ́n fi kọ́ Aylesbury Estate. Ibẹ̀ ni Tony Blair ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1997, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìjọba, àwòrán ọjọ́ náà sì kárí ayé. Lẹ́yìn náà, Channel 4 fi fídíò kékeré kan tí wọ́n yà níbẹ̀ ṣe àmì ìdánimọ̀ láàárín ètò wọn, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi okùn aṣọ, àpò ìdọ̀tí àti kẹ̀kẹ́ ìrajà kún un, kí ibẹ̀ lè rí bí ahoro. Gbogbo ìgbà tí ará ibẹ̀ bá tan tẹlifíṣọ̀n, ilé tí wọ́n ti ń tọ́mọ ni wọ́n ń rí bí ibi ẹ̀rù. Wọ́n bínú, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọdún 2014, wọ́n ṣe òmíràn tí ojú àwọn ará ibẹ̀ gan-an wà nínú rẹ̀, Channel 4 sì gbé e jáde. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, ilé nìkan sì ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú ọmọ yín ńkọ́?

Ìyá náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí sí ọmọbìnrin rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o fẹ́ kí àwọn tí o ò mọ̀ máa rí i?" Ọmọ náà mi orí pé rárá. Wọ́n tẹ àwòrán náà síta, ó wà lára ògiri pálọ̀ wọn báyìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín léèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i, bó ti wù kí ó kéré mọ. Àwòrán àwọn ọmọ akọrin wa nínú ìjọ kò sì sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé lọ tà.

Bí a ṣe tún un yà

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ sílé wọn. Ìyá fẹ́ se mọ́ínmọ́ín eléwé. Mo ní ohun tí a máa yà nìyẹn, nítorí ẹni tó ń wá àwòrán oúnjẹ wa kì í rí èyí tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ìwọ̀-oòrùn kún ọjà fọ́fọ́.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. A gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, a sì pa gílóòbù iná, torí pé ìmọ́lẹ̀ iná pọ́n, ti ojú ọ̀run sì funfun. Bí méjèèjì bá pàdé, ẹ̀gbẹ́ kan oúnjẹ á pupa, ẹ̀gbẹ́ kejì á dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ọmọ náà ni mo fi ṣe olùyẹ̀wò. Ó kó páálí sírílì kúrò, ó yí agolo mílíìkì padà, ó bo àmì ara fìríìjì, ó sì ní kí ìyá òun pààrọ̀ ìró tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà létí rẹ̀ sí èyí tí kò ní ìkọ̀wé. A fi aṣọ rírọ̀ nu ojú kámẹ́rà, nítorí òróró ìka ló ń mú àwòrán dà bí ìgbà tí kùrukùru bò ó.

Lẹ́yìn náà la gba fóònù ìyá. Ìyá fúnra rẹ̀ ló yà á. Ọmọ ló ń rọ ẹ̀wà lílọ̀ sínú ewé eéran tó sì ń ká a. Ọwọ́ nìkan la yà, ojú kò hàn. Ọwọ́ tí kò ní àmì tí a fi lè dá ènìyàn mọ̀ kì í sábà béèrè fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n bí òrùka pàtàkì tàbí ara fínfín bá wà níbẹ̀, ẹ gbà á. A ya nǹkan bí ogójì. Mẹ́rin péré la yàn, tí kò sí èyí tó jọ ìkejì: ọwọ́ tó ń rọ ọ́ láti òkè wá, ìka tó ń ká ewé, ewé tí a tò sínú ìkòkò, àti mọ́ínmọ́ín tí a tú sórí àwo, tí a fi àyè sílẹ̀ lápá òsì kí oníbàárà lè rí ibi kọ ọ̀rọ̀ sí. Kí á tó fi wọ́n ránṣẹ́, a fẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí kò lè fẹ̀ mọ́, a sì wo etí rẹ̀ láti igun dé igun. Wọ́n gba mẹ́ta. Èyí tó wà nínú ìkòkò ni wọ́n kọ̀: ooru ti bo ojú kámẹ́rà, àwa náà kò sì tètè rí i.

Fídíò náà la yà, ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá. Láti 5 sí 60 ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n ń gbà. A gbé fóònù ti ìdì ìwé, a gbé e dùbúlẹ̀, a ò sì sún un rárá. Ọwọ́ tó ń ká ewé nìkan ló ń rìn. Ọ̀tá méjì ni fídíò inú ilé ní. Èkínní ni ohùn: rédíò ń kọrin níbì kan, orin yẹn sì ní ẹni tó ni ín, nítorí náà a yọ ohùn rẹ̀ kúrò pátápátá. Èkejì ni iná tó ń ṣẹ́jú. Iná mànàmáná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fóònù sì sábà máa ń ya àwòrán 30. Wọn kò bára mu, iná kan sì lè máa ṣẹ́jú nínú fídíò, bí ojú yín kò tilẹ̀ rí i lójú ayé. Bí ẹ bá máa lo iná, ẹ lọ sí Settings > Camera > Record Video lórí iPhone, ẹ tan Show PAL Formats, kí ẹ sì yan 25. Bí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá tó, ìyọnu yẹn kò sí.

Orúkọ tí ẹ fún un

Àwòrán tí wọ́n gbà tí ẹnikẹ́ni kò rí dà bí ọjà tí wọ́n kó sábẹ́ ibùsùn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí i ni oníbàárà fi ń rí i. Adobe Stock gba ọ̀rọ̀ ìṣawárí títí dé 49, mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló sì ṣe pàtàkì jù. Ọmọ náà ti kọ "love, happy, beautiful" sí gbogbo tirẹ̀. Mo ní kí ó bi ara rẹ̀ pé, kí ni ẹni tó nílò àwòrán yìí máa tẹ̀? Àkọlé tí a wá kọ nìyí:

```
Hands wrapping moin moin bean pudding in green leaves
```

Bí ó bá jẹ́ ti ìròyìn, Shutterstock fẹ́ kí ìlú, orílẹ̀-èdè àti ọjọ́ ṣáájú, báyìí:

```
London, UK - June 14, 2025: Shoppers at East Street Market
```

Ẹ má kọ èrò yín síbẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kọ.

Owó rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́ fún yín. Adobe Stock ń fún ayàwòrán ní 33% lórí àwòrán àti 35% lórí fídíò. Lórí Shutterstock, láti 15% ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gòkè dé 40%, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń padà sísàlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà ló ń san àsansílẹ̀ oṣooṣù, nítorí náà owó kékeré ló ń kan àwòrán kan. Bí ó bá jẹ́ sẹ́ńtì 33 ní ẹ̀ẹ̀kan, ó di ìgbà 76 tí wọ́n bá rà á kí ẹ tó ní $25, tí í ṣe iye tó kéré jù tí Adobe Stock ń san jáde. Fídíò ń mówó wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í tètè tà.

Wọ́n máa ní kí ẹ kún W-8BEN, fọ́ọ̀mù owó-orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ má sá fún un. Nítorí àdéhùn tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ yìí tó kún un dáadáa kò ní san owó-orí Amẹ́ríkà lórí rẹ̀. Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn ará ilé á rí i pé wọ́n yọ 30% nínú èyí tí wọ́n tà sí Amẹ́ríkà. Níhìn-ín, ìjọba kì í gba owó-orí lórí £1,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn pa níbi òwò ẹ̀gbẹ́ bí èyí láàárín ọdún owó-orí kan. Ẹni tó ń gba Universal Credit gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, bó ti wù kí owó náà kéré tó.

Nígbà tí mo ń lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé náà, ọmọ náà sìn mí dé ìsàlẹ̀. Ó ń wo gbogbo nǹkan lójú ọ̀nà: àmì ara ọkọ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ìyá àgbà kan tó jókòó pẹ̀lú àpò ọjà. Ó mú fóònù jáde, ó tún dá a padà sápò. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dúró ná." Ó lọ bá ìyá àgbà náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ó lè gbọ́ ọ, ó sì béèrè bóyá òun lè ya àwòrán òun. Màmá náà ní rárá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà wá bá mi. Mi ò tíì kọ́ ọ nìyẹn o.